Ẹ Kọ Orúkọ Kíkún, Ẹ sì Kọ Àgékúrú Rẹ̀ Tì Í

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí kò lọ títí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé nígbàkígbà tí èèyàn bá ń kọ ìmọ̀ iṣẹ́ kan sínú sífí rẹ̀, kó kọ orúkọ ìmọ̀ náà ní kíkún, kó sì kọ àgékúrú rẹ̀ tì í. Kó má mú ọ̀kan, kó fi ìkejì sílẹ̀. Àwọn kan nínú yàrá olùkọ́ ti bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Wọ́n ní àsọtúnsọ ni, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ àgékúrú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ló ń fi sífí èèyàn ṣe? Iyàn yẹn dára, màá dá a lóhùn níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ka sífí ṣáájú èèyàn.

Ká ní àlejò kan dé géètì wa lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ó ní ọmọ tí òun wá rí ni Àdùkẹ́. Àdùkẹ́ ni oríkì ọmọ náà, òun ni wọ́n sì ń pè é nílé. Nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mégádì, Fọlákẹ́mi ni wọ́n kọ. Mégádì tó ti pẹ́ níbí tó sì mọ ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ń wá Fọlákẹ́mi, ẹ dúró, mo ń ránṣẹ́ pè é." Ṣùgbọ́n mégádì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ lánàá á yẹ ìwé náà wò láti òkè délẹ̀, á wá sọ fún àlejò pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó wá, kò rí i ni. Ọmọ náà wà ní ilé oúnjẹ, ebi ń pa á, ẹran díndín tí wọ́n gbé wá fún un ń padà lọ sílé.

Kọ̀ǹpútà ni mégádì tuntun yẹn. Nígbà tí ọ́fíìsì kan bá ń wá òṣìṣẹ́, tí sífí tó wọlé bá sì pọ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan á jókòó kó máa kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sójú kan lórí ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ orúkọ ìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ sínú àpótí ìwákiri, ẹ̀rọ á sì kó àwọn sífí tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú wọn jáde. Èyí tó bá jáde ni èèyàn á wá fi ojú kà. Èyí tí kò bá jáde, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó rí i ni.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó sún mọ́ wa. Àwa tí a wà ní Ogunu ń rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lára páìpù epo àti gáàsì lójoojúmọ́. Bí wẹ́dà bá ti jó páìpù méjì pọ̀ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ojú ibi tó jó dán mọ́rán nínú bó ṣe dán lóde. Wọn ò lè gé páìpù náà wò, nítorí bí wọ́n bá gé e, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yà á ní ẹ̀sìréè bí wọ́n ṣe ń ya egungun, tàbí kí wọ́n rán ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ sínú irin náà kí wọ́n sì wo bó ṣe ń padà, tàbí kí wọ́n da omi aláwọ̀ sí i lára kó wọnú ibi tó bá sán. Ìmọ̀ àyẹ̀wò láìba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ ni "Non-Destructive Testing". Àmọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é, "NDT" ni.

Ẹ wo ibi tí wàhálà wà. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ ọmọ iṣẹ́ á tẹ "NDT", nítorí ohun tó ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kì í dé ibi páìpù, á wo ìwé ìpolówó iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, á sì tẹ ohun tó bá níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ orúkọ kíkún. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ kò jọra. Ìwọ tó ń kọ sífí nílé rẹ kò lè mọ èwo nínú wọn ló máa jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Mo fi èyí han àwọn ọmọ SS2 ní yàrá kọ̀ǹpútà. A ṣe fáìlì kéékèèké mẹ́rin, a ní sífí èèyàn mẹ́rin ni, pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ iṣẹ́ náà bákan náà, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì ju ara wọn lọ. Ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan nìyí:

```
1.txt   NDT Level II
2.txt   Non-Destructive Testing Level II
3.txt   N.D.T. Level II
4.txt   Non-Destructive Testing (NDT) Level II
```

Lẹ́yìn náà, a ní kí kọ̀ǹpútà wá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àṣẹ tí a tẹ̀ nìyí, orí Windows tó wà ní yàrá wa ló sì ti ń ṣiṣẹ́:

```
findstr /i /m /c:"NDT" *.txt
findstr /i /m /c:"Non-Destructive Testing" *.txt
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ mú fáìlì kìíní àti ìkẹrin jáde. Àṣẹ kejì mú ìkejì àti ìkẹrin jáde. Ẹni ìkẹrin nìkan ló jáde nígbà méjèèjì. Ẹni kìíní àti ìkejì, oríire ni tiwọn: bí ẹni tó ń wá wọn bá tẹ èyí tí wọ́n kọ, ó bọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọjọ́ mìíràn. Ti ẹni ìkẹta ló ṣe àwọn ọmọ ní kàyéfì jù. Kò jáde rárá, bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ́ ọ kò ju àmì ìdánudúró tó fi sí àárín lẹ́tà lọ. Lójú èèyàn, "N.D.T." àti "NDT" kò yàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ, àmì yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn gbé òkúta sí àárín ọ̀nà.

Ọmọ kan béèrè ìbéèrè tó dára níbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bí a bá tẹ Kunle, ṣebí ó máa mú Ayokunle náà jáde? Kí ló dé tí NDT kò fi lè mú orúkọ kíkún jáde?" Mo ní kó wo lẹ́tà wọn dáadáa. Kunle wà nínú Ayokunle lódindi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì láìsí ohun tó là wọ́n láàárín, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń wá lẹ́tà lásán á rí i. Ṣùgbọ́n àgékúrú, orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gé tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ka "Non-Destructive Testing" láti iwájú, ẹ kà á láti ẹ̀yìn, ẹ ò ní bá N, D àti T níbi tí wọ́n ti tò tẹ̀ léra. Èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n àfi bí ẹnì kan bá ti kọ́ ọ.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ti kọ́. Àwọn tó ṣe wọ́n jókòó, wọ́n kọ àgékúrú sí apá kan, wọ́n kọ orúkọ kíkún sí apá kejì, wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa ka méjèèjì sí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tó gbogbo iṣẹ́ ayé. Àgékúrú tí gbogbo ayé mọ̀ á wà níbẹ̀. Ti iṣẹ́ tí a ń ṣe ní Ogunu lè má sí níbẹ̀, ti ilé-ìwé tàbí ètò Nàìjíríà sì lè má sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ wá ọ̀rọ̀ náà lè tẹ méjèèjì pọ̀, kó fi "OR" sí àárín wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé kó mú ẹni tó bá ní yálà ti ìṣáájú tàbí ti ìkẹyìn wá. Ẹni bẹ́ẹ̀ á rí gbogbo yín. Àmọ́ kò yẹ kí èèyàn fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọgbọ́n ẹni tí kò tíì rí rí.

Mo ṣèlérí pé màá dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ àgékúrú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ ẹ̀yin ọmọ wa jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ Petroleum Training Institute ní Effurun, tàbí yunifásítì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, á jáde lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ètò SIWES ni, tí Industrial Training Fund dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Lẹ́nu gbogbo wa, "ó lọ ṣe IT" ni. Bí ọmọ náà bá wá kọ "IT, 6 months" sínú sífí rẹ̀, ní Nàìjíríà, wọ́n á mọ ohun tó ń sọ. Bí ó bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òkè òkun ńkọ́? "IT" níbẹ̀ ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn "Information Technology". Ẹni tó ń wá ọmọ kọ̀ǹpútà á rí i, á ṣí i, á bá iṣẹ́ páìpù níbẹ̀, á sì pa á dé. Ẹni tó ń wá ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ páìpù rí kò ní rí i rárá. Lẹ́tà méjì péré, ó ti mú un lọ síbi tí kò ń lọ, ó sì pa á mọ́ níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Àgékúrú kúkúrú tún ní àléébù kan. I àti T ń bẹ nínú "university", wọ́n ń bẹ nínú "activity", wọ́n ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń wá lẹ́tà lásán, ẹni tó bá tẹ "IT" á rí gbogbo ayé, kò sì ní mọ èyí tó ń wá nínú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á fi àgékúrú sílẹ̀, á tẹ orúkọ kíkún. Nítorí náà, bí a ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

```
Industrial Training (IT),
Students Industrial Work Experience Scheme (SIWES), 6 months
```

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ kíkún ni ìjánu àgékúrú. Òun ni kì í jẹ́ kó sá lọ sínú oko olóko.

Ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀yin SS3 máa gbà láìpẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa ń sọ pé "ó ti gba WAEC". WAEC kì í ṣe orúkọ ìdánwò, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ni. Ìdánwò náà ló ń jẹ́ "West African Senior School Certificate Examination", àgékúrú rẹ̀ sì ni "WASSCE". Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì dárúkọ àjọ náà tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ èyíkéyìí nínú wọn á kàn yín.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ń yí padà, àwa tí a ń gbé ládùúgbò yìí sì mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Shell, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ "Shell Petroleum Development Company", tí àgékúrú rẹ̀ sì jẹ́ "SPDC", ti di ti Renaissance láti oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, tó sì kọ "SPDC" nìkan sílẹ̀, ń fọkàn tán an pé ẹni tó máa wá sífí rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i á ṣì mọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Kí ló máa ná an láti kọ ọ́ kún?

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ọkàn sí dáadáa nìyí, nítorí tiwa gan-an ni. Ìmọ̀ èdè Yorùbá jẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń wá ògbufọ̀ ń wá a, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ń wá a. A kọ́ yín láti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, mi ò sì ní yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá yín á tẹ "Yoruba" láìní àmì. Àwọn ẹ̀rọ kan mọ̀ pé "Yorùbá" àti "Yoruba" ọ̀kan náà ni. Àwọn mìíràn kò mọ̀; irú àṣẹ tí a lò ní yàrá kọ̀ǹpútà lókè yẹn kò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ní ibì kan nínú sífí yín, kí ẹ sì kọ ọ́ láìní àmì ní ibòmíràn. Bákan náà ni kí ẹ ṣe orúkọ ara yín, bí ẹ bá ń kọ àmì sí i lórí. Kì í ṣe ìtìjú fún èdè wa. Ó dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì sí ilẹ̀kùn kan ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti kọ méjèèjì pọ̀, níbi tí ìmọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa lo àgékúrú. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀rọ lè rí i, ṣùgbọ́n èèyàn tó máa kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ á rò pé kò ní ohun mìíràn láti sọ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ orúkọ ìmọ̀ tí wọn kò ní pẹ̀lú yíǹkì funfun lórí ìwé funfun, kí ẹ̀rọ rí i kí èèyàn má rí i. Ẹ má dán an wò. Bí ẹni tó gbà á bá fi máọ̀sì fa ojú ìwé náà, gbogbo rẹ̀ á yọ síta. Ẹ sì rántí pé kí wọ́n rí èèyàn kì í ṣe kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Wọ́n á pè yín, wọ́n á bi yín ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹnu yín ló sì máa dáhùn, kì í ṣe ìwé.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá sífí yín ṣeé rí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ tẹ àgékúrú ìmọ̀ yín. Bí ó bá gbé e jáde, ẹ pa á rẹ́, ẹ wá tẹ orúkọ kíkún. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá sí ohun tó jáde, ẹ tẹ orúkọ ara yín. Bí orúkọ yín pàápàá kò bá jáde, tó sì jẹ́ pé ojú yín ń rí i lórí ìwé náà, a jẹ́ pé fọ́tò ni ìwé náà, ẹnì kan fi fóònù yà á ni. Lẹ́tà kankan kò sí nínú fọ́tò lójú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwòrán lásán ló rí, àti orúkọ kíkún àti àgékúrú ló ṣègbé síbẹ̀. Ẹ lọ tún un tẹ̀.

Sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ní àsọtúnsọ ni, èsì mi nìyí: a máa ń kọ orúkọ, a máa ń kọ oríkì, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àsọtúnsọ, nítorí kì í ṣe ẹnì kan náà ló ń fi méjèèjì peni. Kí ọmọ SS3 kọ̀ọ̀kan mú sífí rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ctrl+F la ó fi bẹ̀rẹ̀.